Tíkẹ́ẹ̀tì Tó Jẹ Lè Jẹ́ Ọjà Ọ̀wọ́n

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá yóò ti rí àwọn bàbá onípúùlù rí. Wọ́n á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ìwé púùlù ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn yóò wà nínú fáìlì, wọ́n á máa fi bírò yí nọ́ńbà ká, wọ́n á sì máa jiyàn lórí èyí tó máa ń mú ọ̀mì wá. Àwọn bàbá wọ̀nyí mọ àkọsílẹ̀ í ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọ̀kan nínú wọn pé èló ló ti ná lórí púùlù láti ọdún tó kọjá, èló ló sì padà wọlé, ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Nọ́ńbà ló wà nínú fáìlì rẹ̀. Owó tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Fóònù ti gba ipò fáìlì báyìí. Láti ìgbà tí NairaBet ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí Bet9ja sì tẹ̀lé e ní 2013, ènìyàn lè wà lórí ibùsùn rẹ̀ ní Ṣàgámù kó máa ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní Mansẹ́sítà. Gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló sì wà lórí fóònù náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé àkọsílẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kò sí o. Ẹni tó ń gba owó yín ló kọ èyí tó wà lórí fóònù, ohun tó bá wù ú ló sì ń fi hàn yín: ó ń kọ owó tó wọlé gàdàgbà gadagba, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín iye tí wọ́n ń ta gèèmù yẹn nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbá a. Ẹni tó bá sì ń ta nílé tẹ́tẹ́ mẹ́ta, ìtàn àbọ̀ àbọ̀ mẹ́ta ló ní lọ́wọ́.

Ìwé tí mò ń sọ kò ju ìwé àjákọ lásán lọ, ohun mẹ́rin ni kò sì gbọdọ̀ ṣaláìsí níbẹ̀, yàtọ̀ sí ọjọ́ àti orúkọ gèèmù. Èkíní ni owó ìta, ìyẹn owó tó jáde lápò yín. Èkejì ni ọ́ọ̀dì tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á wọlé. Ẹ má kọ èyí tí ẹ rí nígbà tí ẹ ṣì ń yan gèèmù, nítorí ó lè ti yí padà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀kẹta ni ọ́ọ̀dì ìparí, èyí tí mo máa tó ṣàlàyé. Ẹ̀kẹrin ni èrè, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn jẹ. Bí ẹ bá fi ₦2,000 ta lórí ọ́ọ̀dì 2.10, tó sì jẹ, ₦4,200 ni wọn yóò san. Àwọn kan á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn jẹ ₦4,200. Ṣùgbọ́n ₦2,000 inú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. ₦2,200 ni èrè. Bó bá sì já, ẹ kọ àdánù ₦2,000, kí ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀.

Ó wá ku ọ́ọ̀dì ìparí. Ọ́ọ̀dì kì í dúró sójú kan. Láti ọjọ́ tí ilé tẹ́tẹ́ bá ti gbé gèèmù jáde ni yóò ti máa lọ sókè sódò, nítorí pé àwọn tó ní owó ńlá àti ìmọ̀ ń rà á, ìròyìn sì ń wọlé: atamátàsé ti ṣèṣe, òjò ń rọ̀, kóòṣì fẹ́ fi àwọn ọmọ kékeré gbá a. Ní nǹkan bíi wákàtí kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù yóò jáde, ọ́ọ̀dì yóò sì tún mì. Nígbà tí réfirí bá fi máa mú fèrè sẹ́nu, gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni lè mọ̀ nípa gèèmù náà ti wọnú iye tó wà níbẹ̀. Iye yẹn ni ọ́ọ̀dì ìparí. Kì í ṣe pé kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n lórí àwọn líìgì ńlá, agbára káká lẹ máa fi rí ẹni tó lè wọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ra ohun kan ní 2.10 lọ́jọ́ Ẹtì, tí àwọn tó dé lọ́sàn-án Sátidé kò rí ju 1.95 lọ, ẹ ra ọjà pọ̀ọ́kú. Bí ẹ bá ra ní 1.80 ohun tó di 1.90 nígbẹ̀yìn, ọjà ọ̀wọ́n lẹ rà, bó tilẹ̀ jẹ pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé ẹnìkan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ó fi ₦2,000 ta lórí pé ẹgbẹ́ tó ń gbàlejò yóò borí, ọ́ọ̀dì 2.10. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó wo pátákó, ó sì kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀: olùgbàlejò 1.95, ọ̀mì 3.50, àlejò 4.00. Wọ́n gbá ọ̀mì, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

Kí ló dé tó fi kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Nítorí pé èrè ilé tẹ́tẹ́ ti wà nínú wọn, ó sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kó tó mọ òótọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣírò inú fóònù yín jáde. Ẹ fi 1.95 pín 1, ẹ ó rí 0.513. Ẹ fi 3.50 pín 1, ó jẹ́ 0.286. Ẹ fi 4.00 pín 1, ó jẹ́ 0.25. Àròpọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi 1.05. Bí kò bá sí èrè ilé tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀ ni, 1 gééré ni ìbá jẹ́. Ohun tó lé lórí 1 yẹn ni tiwọn. Ẹ wá fi àròpọ̀ náà sọ 1.95 di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 2.045. Èyí ni iye tí gèèmù náà tọ́ sí ní ìparí, bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ èrè lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ra á ní 2.10. Ẹ fi 2.045 pín 2.10: 1.027. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tó ná, ó gba ohun tó tó ₦102.70. Tíkẹ́ẹ̀tì tó já yìí, ọjà rere ni.

Ọ̀pọ̀ tó ti gbọ́ nípa ọ́ọ̀dì ìparí ló máa ń fo ìgbésẹ̀ yẹn. Wọ́n á gbé 2.10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1.95, wọ́n á ní àwọn ti borí ọjà pẹ̀lú ₦7.70 lórí ₦100. Irọ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Ká ní 2.00 ló rà á, yóò ṣì rò pé òun ti rí jẹ nítorí pé 2.00 ju 1.95 lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye tó tọ́ jẹ́ 2.045, ó ti pàdánù ₦2.20 lórí ₦100 kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù rárá.

Lọ́jọ́ kejì, Sọ́ńdè, ó fi ₦2,000 mìíràn ta lórí ọ́ọ̀dì 1.80. Ó ti rà á kí orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó jáde, ìgbà tó sì máa jáde, atamátàsé àgbà kò sí níbẹ̀. Ọ́ọ̀dì gbéra: 1.90, ọ̀mì 3.60, àlejò 4.20. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà borí pẹ̀lú góòlù kan tó wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kí gèèmù parí, èrè ₦1,600 wọlé, ó pariwo débi tí àwọn oníbàárà fi yíjú wò ó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti èyí náà. Àròpọ̀ jẹ́ 1.042, iye tó tọ́ jẹ́ 1.98, ó rà á ní 1.80. Ó ń ju ₦9 nù lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. Ìwé rẹ̀ wá ń sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́: èyí tó mú un pariwo ni kò gbọdọ̀ rà mọ́, èyí tó bà á nínú jẹ́ ni kó tún rà.

Ẹni tó bá fẹ́ràn tábìlì orí fóònù ju bírò lọ lè jẹ́ kó máa ṣe ìṣírò náà fúnra rẹ̀. Kí C jẹ́ owó ìta, kí D jẹ́ ọ́ọ̀dì tí ẹ rà, kí E jẹ́ ọ́ọ̀dì ìparí ohun tí ẹ yàn, kí F àti G jẹ́ ti méjì yòókù, kí H gba lẹ́tà W bó bá jẹ, L bó bá já, V bí wọ́n bá dá owó padà. Ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí ń mú èrè jáde, ìlà kejì sì ń sọ bí ọjà ṣe dára sí:

```
=IF(H2="W",C2*(D2-1),IF(H2="L",-C2,0))
=D2/(E2*(1/E2+1/F2+1/G2))-1
```

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí owó ni gbogbo wa ń wá, kí ló dé tí èrè nìkan kò tó láti fi mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta? Ìdí ni pé èrè máa ń pẹ́ kó tó sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ènìyàn 100 ń ta tẹ́tẹ́ lórí ohun tó dà bíi kí a ju kọ́bọ̀ sókè, orí tàbí ìrù, tí ilé tẹ́tẹ́ sì ń san 1.90 lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ohunkóhun nínú wọn. Kálukú ta tíkẹ́ẹ̀tì 100, ₦1,000 lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí 53 bá jẹ fún ti wọnú èrè. Iye àwọn tí yóò wà nínú èrè nígbà yẹn tó 31 nínú 100. Àwọn 31 yìí yóò gbà pé àwọn lọ́gbọ́n. Àwọn kan nínú wọn yóò ṣí ojú ewé kan sórí Tẹligíráàmù, wọ́n á máa ta gèèmù tó dájú fún àwọn ẹlòmíràn. Kó tó di pé iye wọn dín kù sí nǹkan bíi 5 nínú 100, ó di ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì 1,000, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún méjì mẹ́ta kí wọ́n tó ta tó bẹ́ẹ̀.

Ọ́ọ̀dì ìparí kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé góòlù ìṣẹ́jú ìkẹyìn, pẹnáritì àti káàdì pupa kò kàn án. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ náà kì í sábà ju náírà díẹ̀ lórí ₦100 lọ sókè tàbí sódò, nígbà tí owó tí wọ́n ń san padà ń fò láti òdo sí ìlọ́po méjì. Nítorí náà, lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì 100, ìpíndọ́gba rẹ̀ ti ń sọ ibi tí nǹkan ń lọ. Àwọn 31 wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá ní ìwé, ìlà ọ́ọ̀dì ìparí ni ìbá tú wọn fó, nítorí pé ìyọkúrò ni yóò máa wà níbẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, gèèmù kan ṣoṣo kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń ta. Tíkẹ́ẹ̀tì onígèèmù márùn-ún, mẹ́wàá, ogún ni. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìwé yìí ti wúlò jù. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá ń jẹ ₦5 lórí ₦100 nínú gèèmù kan, nígbà tí ẹ bá so márùn-ún pọ̀, ohun tí ẹ ń gbà fún ₦100 yín kò ju nǹkan bíi ₦77 lọ. Fún irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ẹ kọ gèèmù kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú iye ìparí tí ó tọ́ sí i, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ wá fi wé ọ́ọ̀dì tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ìta àti èrè á wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Márùn-ún tí ẹ ra ìkọ̀ọ̀kan ní 1.50 yóò fún yín ní 7.59. Bí iye tó tọ́ ní ìparí bá jẹ́ 1.56 lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó yẹ kí ẹ gbà jẹ́ 9.24. Ìyẹn ni pé nǹkan bíi ₦18 ti lọ lórí ₦100.

Ṣé ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ó gbọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́? “Ẹ̀gbọ́n, gèèmù kan ṣoṣo ló já mi!” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ òun ti kan ilẹ̀kùn. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò yìí, kí mẹ́rin bọ́ sí i kí ẹyọ kan já, ìgbà 3 nínú 10 ló máa ń ṣẹlẹ̀; kí márààrún bọ́ sí i, ìgbà 1 nínú 10 péré ni. Ohun tó ń pè ní oríburúkú, bí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Nínú ìwé, kò sí ìlà fún “ó kù díẹ̀”. Àdánù ₦500 ni, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ìwé ṣe ń di ìwé irọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Kì í ṣe pé ẹnìkan jókòó kó purọ́. Ó kàn dúró kí gèèmù parí kó tó kọ ọ́. Èyí tó jẹ, á rántí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó já, ó ti rẹ̀ ẹ́, á kọ ọ́ lọ́la. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù ni kí ẹ ti kọ owó ìta àti ọ́ọ̀dì, pẹ̀lú bírò, kí àyè èrè wà lófìfo. Tíkẹ́ẹ̀tì ₦200 tí ẹ fi ṣeré níbi ìnáwó, ẹ kọ ọ́. Èyí tí ẹ gba owó rẹ̀ kí gèèmù tó parí nítorí àyà ń já yín, iye tí ẹ gbà gan-an ni kí ẹ kọ. Bọ́nọ́ọ̀sì, ẹ fún un ní àyè tirẹ̀, kó má baà dà bíi pé ọgbọ́n yín ló mú un wá. Ọ̀nà kan sì wà tí ẹ fi lè dá ìwé irọ́ mọ̀: ẹ ṣe àròpọ̀ èrè inú ìwé, kí ẹ fi wé owó tó jáde ní báńkì lọ sí ilé tẹ́tẹ́ àti èyí tó padà wá, pẹ̀lú ohun tó kù níbẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, báńkì kọ́ ló ń purọ́.

Irọ́ kan tún wà tó máa ń bọ́ sí ìgbà àyẹ̀wò. Ẹnìkan yóò rí i pé òun wà nínú àdánù, yóò wá máa ya ìwé sí wẹ́wẹ́: ti ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ńkọ́? Ti àlejò ńkọ́? Ti Sípéènì ńkọ́? Bó bá yà á sọ́nà ogún, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dára níbẹ̀, kò sì sí ohun tó fi hàn ju pé ó wá a títí. Bí ẹ bá fura pé ẹ mọ Sípéènì, ẹ kọ ọ́ sí iwájú ìwé lónìí, kí ẹ sì fi tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò tíì ta dán an wò.

Ọ́ọ̀dì ìparí ní ààlà tirẹ̀. Kò wúlò fún tẹ́tẹ́ tí ẹ ta nígbà tí bọ́ọ̀lù ti ń lọ. Lórí líìgì kéékèèké tí owó kì í wọ̀, bóyá ìpele kẹta ilẹ̀ kan tí ẹ kò lè pe orúkọ rẹ̀, iye ìparí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n ju ti àárọ̀ lọ. Ilé tẹ́tẹ́ kì í sì í pín èrè wọn dọ́gba: wọ́n máa ń di púpọ̀ rẹ̀ lé ohun tí kò jọ pé yóò ṣẹlẹ̀, nítorí náà lórí ọ́ọ̀dì 8.00 sókè, ìṣírò tí mo ṣe lókè yìí ń ṣàánú yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi kan náà ni kí ẹ ti máa wo iye ìparí nígbà gbogbo, kó má jẹ́ pé ibi tó bá yín lára mu lẹ ó máa wò. Fún àwọn líìgì ńlá Yúróòpù, football-data.co.uk ti ń kó fáìlì ọ̀pọ̀ sáà síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ́ọ̀dì ìparí ilé tẹ́tẹ́ Pinnacle ló wà lábẹ́ PSCH, PSCD àti PSCA, fún olùgbàlejò, ọ̀mì àti àlejò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fẹ́ràn tiwọn nítorí pé èrè tí wọ́n ń fi lé e kéré, wọ́n sì ń gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ta.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ta gèèmù tó dájú fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ọ́ọ̀dì ìparí àwọn tíkẹ́ẹ̀tì 100 tó tà kẹ́yìn dà? Bí fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ bá ni ìdáhùn rẹ̀, ẹ tọ́jú owó yín. Ẹ bi ara yín náà. Bí ìpíndọ́gba yín bá wà nísàlẹ̀ òdo lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì 100, yálà owó ti wọlé tàbí kò tíì wọlé, ilé tẹ́tẹ́ ló ń jẹ yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ná lóṣù síbi tí ẹ ń kọ owó ìgbádùn sí, kí ẹ yé fi owó ilé kún un.